Orí Keje: Tòmáàtì Ojú Fóònù

Ní Ìlọrin lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọjà ti ń wọ inú fóònù. Tírélà tó kó tòmáàtì láti Kánò, Kàdúná àti Zaria á gba Jẹ́bbà àti Bódè Sáadú wọ ìlú lóru. Bí wọ́n ṣe ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ni àwọn alágbàtà ń ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn lórí Wasáàpù. Ẹni tó ń se oúnjẹ tà ní Tánkẹ̀ lè rí fọ́tò láti Ìpàtà, láti Máńdéètì àti láti Gànmọ̀ kó tó kírun àsùbáà tán. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ kó tó fi owó ránṣẹ́: ta ni tòmáàtì rẹ̀ tutù jù nínú wọn?

Fọ́tò lè ran onítọ̀hún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà ní ibi tó mọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé fọ́tò mọ èyí tó ti bàjẹ́, kò sì mọ èyí tí yóò pẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì yìí á jèrè púpọ̀ lára fọ́tò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa fi owó rẹ̀ yan tòmáàtì tó pupa jù, á sì máa yà á lẹ́nu pé ìdajì rẹ̀ ti di ẹ̀ṣà kó tó di ọjọ́ kẹta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pípupa yìí, nítorí òun ni ojú máa ń bá lọ. Nígbà tí tòmáàtì wà ní tútù lórí igi, àwọ̀ ewé inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń pọ́n ni àwọ̀ ewé náà ń túká, tí èròjà pupa tí wọ́n ń pè ní láíkópìnì sì ń gba ipò rẹ̀. Àwọn aláṣẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pín ìrìn àjò yìí sí ìpele mẹ́fà. Èyí àkọ́kọ́ ni tútù pátápátá. Ìkejì ni ìgbà tí àwọ̀ mìíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní ìdí rẹ̀, tí kò tíì ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ lọ. Ó ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹfà, níbi tí ohun tó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún ara rẹ̀ ti pupa. Ìpele pípọ́n ni gbogbo èyí ń sọ. Kò sọ ọjọ́ tí wọ́n já a. Tòmáàtì tí wọ́n já ní ìpele kẹfà lánàá àti èyí tí wọ́n já ní ìpele kẹta lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn lè pupa bákan náà nínú fọ́tò. Ní ti èyí tó sì ti dé ìpele kẹfà, ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀ mọ́, ì báà jẹ́ lánàá ni wọ́n já a.

Ooru tún ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Láíkópìnì kì í fẹ́ jáde dáadáa bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Irú tòmáàtì bẹ́ẹ̀ á pọ́n, á rọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọsàn ni yóò kù sára rẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta ní Ìlọrin, tí ọ̀sán máa ń kọjá márùndínlógójì, èyí kì í ṣe ohun tójú kò rí rí. Ẹni tó ń fi fọ́tò wò ó á ní kò tíì pọ́n, á ní òun á tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tó jẹ́ pé kò ní ju ọjọ́ kan lọ mọ́.

Yàtọ̀ sí tòmáàtì fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ẹ wo ọjà wa: abẹ́ agboòrùn pupa, abẹ́ tapólì búlúù, tàbí abẹ́ páànù tí gílóòbù kan ṣoṣo wà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú agboòrùn pupa kọjá ti pọ́n kó tó balẹ̀. Á mú kí tòmáàtì pupa sí i, á sì mú kí ewé tútù tó wà lórí rẹ̀ dúdú. Òjìji tapólì búlúù á ṣe òdì kejì rẹ̀: tòmáàtì tó dára gan-an á rí bí èyí tó ti ń kú lọ.

Fóònù náà kì í dákẹ́. Fóònù kò mọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó kàn ń méfò ni, á sì yí àwọ̀ fọ́tò padà kí ohun tó bá kà sí funfun lè funfun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbé e karí èrò pé bí a bá po gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò pọ̀, eérú ló yẹ kó jáde. Bí tòmáàtì bá wá kún inú fọ́tò láti etí dé etí, tí kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, fóònù lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pupa jù, á sì dín pupa náà kù. Nípa bẹ́ẹ̀, alágbàtà tó sún mọ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí oníbàárà lè rí i kedere lè jẹ́ ẹni tí tòmáàtì tirẹ̀ máa rí bí èyí tó ti ṣá. Kò tan ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkejì rẹ̀ tó yà á lábẹ́ agboòrùn pupa kò tan ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ya ohun tó wà níwájú wọn ni.

Bébà funfun kan ṣoṣo lè tún èyí ṣe dé àyè kan. Kí gbogbo àwọn alágbàtà gbé tòmáàtì wọn lé orí bébà A4, kí etí bébà náà sì hàn nínú fọ́tò. Ibi yòówù kí wọ́n wà, bébà yẹn yẹ kó funfun. Bó bá pọ́n nínú fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n. Ẹni tó bá ní ohun èlò tó lè ka àwọ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà á rí nọ́ńbà mẹ́ta fún ojú kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Lórí bébà funfun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ká ní bébà abẹ́ agboòrùn ka 240, 200 àti 190, tí tòmáàtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ka 200, 60 àti 40. Bí a bá fi 200 dá bébà náà dọ́gba, pupa tòmáàtì á di:

```
200 × 200 ÷ 240 = 167
```

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà pupa tí a rí kì í ṣe ti tòmáàtì rárá, ti agboòrùn ni. Ìṣirò yìí kò pé géérégé, nítorí fóònù kì í kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé fọ́tò méjì kò ṣeé fi wé ara wọn. Bí bébà bá ka 255 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọ̀ ti sọnù níbẹ̀, kò sì sí ìṣirò tó lè dá a padà. Kí wọ́n tún un yà ló kù.

Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn láti ní kí alágbàtà wọn ṣe kò le. Kí ó ṣa tòmáàtì mẹ́wàá, díẹ̀ láti òkè apẹ̀rẹ̀, díẹ̀ láti àárín, díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí ó tò wọ́n sórí bébà níbi òjìji tó mọ́lẹ̀, kúrò lábẹ́ agboòrùn, láìlo fíláàṣì. Kí ó fi báírò kọ ọjọ́ àti aago sórí bébà náà, nítorí fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo èèyàn ń gbà lórí Wasáàpù kì í bá ọjọ́ tí wọ́n yà á dé. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè wọlé bíi ti òwúrọ̀ yìí. Bó bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, á dé bó ṣe wà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Wasáàpù á fún un pọ̀, àwọn nǹkan kéékèèké tí a fẹ́ wò gan-an á sì pòórá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú títò náà ni pé kí orí tòmáàtì, ibi tí wọ́n ti já a kúrò lára igi, kọjú sí kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tò ó ní ìdojúdé nítorí ìdí rẹ̀ ló ń dán, bẹ́ẹ̀ orí ni àṣírí wà. Awọ tòmáàtì kò ní ihò tí ó fi ń mí bíi ti ewé. Ojú ibi tí wọ́n ti já a ni ọ̀pọ̀ jù lọ omi ara rẹ̀ ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni ìdíbàjẹ́ máa ń gbà wọlé. Bí ewé kéékèèké tó wà níbẹ̀ bá ṣì tutù, tó nà, ọjọ́ tí wọ́n já a kò tíì jìnnà. Bó bá ti ká, tó gbẹ, tó di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti pẹ́, bó ti wù kí ara tó kù pupa tó. Bí ewé náà bá ti já kúrò, kí a wo ojú àpá rẹ̀: àpá tó mọ́, tó gbẹ, kò burú, èyí tó dúdú yíká tàbí tó bu funfun ti ń jẹrà láti inú. Bákan náà ló rí fún tàtàṣé àti ata rodo, ti ata tilẹ̀ hàn ju ti tòmáàtì lọ, nítorí igi orí rẹ̀ máa ń bá a wá sọ́jà.

Lẹ́yìn orí, kí a wo awọ. Tòmáàtì tó wọn 100 gíráàmù nígbà tí wọ́n já a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ bó bá ti wá sí nǹkan bí 93. Fọ́tò tó dára á fi híhunjọ yẹn hàn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kó tó dé 93, ó ti gba 97 àti 95 kọjá, fọ́tò kò sì rí nǹkan kan. Ní ti ẹ̀fọ́, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi díẹ̀ tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá wọ́n sórí ṣọkọ tàbí ewédú tó ti rọ á mú kó tún dìde fún wákàtí mélòó kan, fọ́tò tí wọ́n bá yà nínú wákàtí yẹn á sì tutù yọ̀yọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti gé igi ẹ̀fọ́ nìkan ni omi kì í sọ di tuntun.

Ó wá ku bí a ṣe máa tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Bí a bá tẹ́ fọ́tò mẹ́rin sílẹ̀ tí a ní kí èèyàn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, òní á yàtọ̀ sí ọ̀la, ẹni yìí á lawọ́, ẹni yẹn á háwọ́. Louis Thurstone, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, kọ̀wé ní 1927 lórí ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: má ṣe béèrè pé mélòó ni eléyìí, méjì méjì ni kí o gbé wọn síwájú èèyàn, kí o ní kó mú ọ̀kan. Àwọn alágbàtà mẹ́rin á bí ìfiwéra mẹ́fà péré. Kí a bo orúkọ wọn, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé ti Alhájà òun ni fọ́tò kan kò lè fi ojú àjèjì wò ó mọ́.

Ká ní a pe àwọn alágbàtà náà ní A, B, D àti E, tí ẹni mẹ́ta nílé ìdáná sì ṣe ìfiwéra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo ìbò jẹ́ 18. Ká ní ẹni méjì nínú mẹ́ta mú A ju B lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú B ju D lọ. Ẹni méjì mú D ju A lọ. Kò sì sí ẹni tó mú E ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí a bá ro ó pọ̀, B ní ìbò 7, A ní 6, D ní 5, E kò ní nǹkan kan. Ó jọ pé a ti rí ẹsẹẹsẹ wa: B ló ṣáájú.

Ẹ tún un wò. A borí B, B borí D, D sì tún yí padà ó borí A. Òbìrípo ni. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kì í sábà jẹ́ pé àwọn tó ń wò ó kò lójú. Ó ń sọ fún wa pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí kéré ju ohun tí fọ́tò lè gbé lọ: ọ̀kan pupa jù, èkejì ní ewé orí tó tutù jù, ẹ̀kẹta ń dán jù, ohun tí oníkálukú sì ń wò yàtọ̀. Máàkì 7, 6, 5 bo òbìrípo yìí mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí a rò pé a mọ ohun tí a kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí fọ́tò náà sọ láìṣiyèméjì ni pé kí a má ra ti E.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́tò sọ òótọ́, a ní láti ra mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tò wọ́n sínú àwo pẹrẹsẹ láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, kí a sì máa ka èyí tó bàjẹ́ láràárọ̀. Ká ní nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ti bàjẹ́ nínú ti A, méjì nínú ti D, mẹ́rin nínú ti B, méje nínú ti E. Fọ́tò ní B, A, D, E. Àwo ní A, D, B, E. Nínú ìfiwéra mẹ́fà, mẹ́rin bá ara wọn mu, èyí tó dà bí ẹni pé fọ́tò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn jẹ́ ti E, tí ojú kan lásán ti mọ̀. Bí a bá yọ E kúrò, ìfiwéra mẹ́ta ló kù, ọ̀kan péré ni fọ́tò sì gbà. Ẹni tó bá ń sọ owó ẹyọ sókè lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ṣe B? Ó lè jẹ́ pé ìpele kẹfà ni gbogbo tòmáàtì rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tó fi wu ojú, ìdí nìyẹn náà tí ọjọ́ rẹ̀ fi kúrú. Ó sì lè jẹ́ ìrìn àjò. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó tòmáàtì láti òkè ọya rọ̀, etí rẹ̀ mú, wọ́n sì ń tò wọ́n léra wọn nínú tírélà. Òkè ń te ìsàlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ara tòmáàtì tó ti fọ́ nínú lè má hàn lójú awọ títí di ọjọ́ kejì. Nítorí èyí ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí títọ́jú irè oko, NSPRI, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Ìlọrin ní ọ̀nà Àsà Dáàmù, ṣe ń polówó kéréètì oníke tó ní ihò, tí a lè tò léra wọn láìjẹ́ pé èyí tó wà lókè gun tòmáàtì ìsàlẹ̀. Mo gbà pé ìbéèrè pé “inú kí ni wọ́n kó o wá?” ń sọ nípa ọjọ́ tó kù fún tòmáàtì ju fọ́tò mẹ́wàá lọ.

Àìsàn kan tún wà tó ń wọ inú tòmáàtì àti ata láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní tútù lóko. Á sùn síbẹ̀ láìfi àpá kankan hàn títí èso á fi pọ́n, nígbà náà ni ojú ibi tó jin kòtò, tó rí roboto, á yọ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, kò sí ohun tí kámẹ́rà lè rí. Oògùn kòkòrò tí wọ́n fín sí i lóko pẹ̀lú kò ní àwọ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òórùn kíkan tó ń kọ́kọ́ jáde nínú apẹ̀rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń rà kò ní àwọ̀. Àtàǹpàkò tí èèyàn bá fi tẹ ẹ̀gbẹ́ tòmáàtì mọ̀ ju gbogbo ojú lọ lórí bóyá ó ṣì le, fọ́tò kò sì ní àtàǹpàkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà láti orí fóònù, ẹ fi fọ́tò yọ E kúrò, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Láàárín àwọn tó kù, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n já a àti ohun tí wọ́n fi kó o wá, ẹ rán ọmọ kan lọ sí Ìpàtà tàbí Máńdéètì kó tú apẹ̀rẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀, kó tẹ mẹ́wàá wò, kó gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tẹ́ ẹ lè rán, ẹ san ìdajì owó, kí ìdajì yòókù dúró títí apẹ̀rẹ̀ á fi délé, tẹ́ ẹ ó sì ti rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.